Ó pọ́n, àbí ó gbó? Ìrírí mi nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣa tòmátì

Ọsàn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ̀rọ mi máa ṣà. Mo ti ra bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì báńkì lọ, tí wọ́n kọ Raspberry Pi 4 sí lára. Mo ra kámẹ́rà rẹ̀ náà, mo sì ti fi OpenCV, àkójọ kóòdù tó ń yẹ àwòrán wò, sínú rẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò le: ọsàn tó bá pọ́n, kí ẹ̀rọ tì í sọ́tùn-ún, èyí tó bá ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí ó tì í sósì. Mo to ogún ọsàn sórí tábìlì, mo yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ pín wọn sí òkìtì méjì. Inú mi dùn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ba ayọ̀ náà jẹ́. Màmá Bódìjà là ń pè wọ́n, nítorí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ta ata àti tòmátì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n wọlé, wọ́n wo òkìtì méjèèjì, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ewé tí ẹ̀rọ mi ti dá lẹ́bi, wọ́n bó o, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu.

"Ta ló sọ fún ẹ pé eléyìí ò tíì ṣe é jẹ?"

"Màámi, kò tíì pọ́n ni."

"Kò pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Ọsàn tiwa kì í dúró dìgbà tó bá pọ́n kó tó dùn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó ń mú kí èèpo ọsàn di pupa rúsúrúsú ni pé kí òtútù máa mú un lálẹ́ nígbà tó bá ń gbó. Òtútù yẹn ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ewé ara èèpo rẹ̀ parẹ́. Nílẹ̀ tiwa, ooru kì í lọ tán lálẹ́, nítorí náà ọsàn á gbó, á dùn, èèpo rẹ̀ á sì wà ní àwọ̀ ewé síbẹ̀. Èdè wa ló ṣì mí lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ pé nǹkan pupa, tí a tún fi ń sọ pé èso ti tó jẹ: ó pọ́n. Mo ti rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kejì, gbó, kámẹ́rà ò sì lè rí gbígbó. Àwọ̀ ara nìkan ló ń rí.

Mo bi wọ́n léèrè èso wo ni pípọ́n àti tító jẹ rẹ̀ jọ máa ń rìn pọ̀. Wọn ò tilẹ̀ rò ó. Wọ́n ní tòmátì ni. Bí tòmátì bá dé láti òkè Ọya nínú apẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n da á sílẹ̀ kí wọ́n ṣà á sọ́nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà lónìí, èyí tó lè dúró di ọ̀túnla, àti èyí tó ṣì le tí wọ́n á tọ́jú. Iṣẹ́ ojú ni, ó sì máa ń gbà wọ́n tó wákàtí kan lórí ìjókòó. Bí mo ṣe pa ọsàn tì nìyẹn.

Kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ronú, kí ohun tó kù lè yé wa. Àwòrán tí kámẹ́rà ń yà jẹ́ àìmọye àmì kéékèèké, píksẹ́lì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwòrán náà ṣe ń wọlé, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: bí búlúù rẹ̀ ṣe tó, bí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣe tó, bí pupa rẹ̀ ṣe tó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí òjìji bá kọjá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ sọ̀ kalẹ̀, o ò sì ní mọ̀ bóyá àwọ̀ ló yí padà àbí ìmọ́lẹ̀ ló dín kù. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yí i sí oríṣi mẹ́ta mìíràn: H, tó ń sọ irú àwọ̀ tó jẹ́, S, tó ń sọ bí àwọ̀ náà ṣe ki tó, V, tó ń sọ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí òjìji bá bo tòmátì díẹ̀, V ló máa já wálẹ̀. H kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Nínú OpenCV, H ń lọ láti 0 dé 179, àyípo sì ni, bí ojú agogo. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Mo ní kó wá pupa láti 0 dé 10, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tòmátì tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé èyí tó pọ́n gan-an síbẹ̀, èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ihò dúdú ló ń yọ láàárín rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé eku ti jẹ ẹ́. Bó ṣe ń pọ́n sí i ni máàkì rẹ̀ ń dín kù! Ó pẹ́ kó tó yé mi: orí "aago méjìlá" gan-an ni pupa jókòó sí. Apá kan rẹ̀ wà lẹ́yìn méjìlá, apá kejì wà ṣáájú rẹ̀, ní 170 sókè. Ìgbà méjì ni a gbọ́dọ̀ wá a, kí a sì da méjèèjì pọ̀:

```python
hsv = cv2.cvtColor(img, cv2.COLOR_BGR2HSV)
p1 = cv2.inRange(hsv, (0, 90, 60), (10, 255, 255))
p2 = cv2.inRange(hsv, (170, 90, 60), (179, 255, 255))
pupa = cv2.bitwise_or(p1, p2)
```

Ìyẹn ò le. Ohun tó gba oorun lójú mi ni èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì sí nínú kóòdù rárá.

Ní ọjọ́ kan, mo gbé tòmátì kan síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ ewé mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ìdá 82 nínú 100 ara rẹ̀ ló pupa. Mo kó àwọn aláwọ̀ ewé kúrò, mo fi tòmátì pupa mẹ́ta mìíràn rọ́pò wọn, n ò fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ rárá. Ó di 64. Mo dá àwọn aláwọ̀ ewé padà, ó tún di nǹkan bí 80. Ṣé tòmátì ń tijú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni?

Mo gé bébà funfun kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kan nínú ibi tí kámẹ́rà ń rí, mo sì ní kí ẹ̀rọ máa kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ara bébà náà jáde nígbàkigbà tó bá ya àwòrán. Bébà kì í pọ́n, kì í gbó. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá yí padà, kì í ṣe èso ló fà á. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, búlúù, àwọ̀ ewé àti pupa bébà náà jọ wà ní nǹkan bí 200. Bí mo ṣe fi àwọn pupa rọ́pò wọn báyìí, pupa ara bébà já sí 171, búlúù rẹ̀ gòkè sí 214. Bébà funfun ti di aláwọ̀ omi lójú kámẹ́rà, níbi tí ojú tèmi ti ń rí i ní funfun báláú.

Kámẹ́rà ló ń "tún àwòrán ṣe" fún mi láìbéèrè. Wọ́n ṣe é kí fọ́tò ènìyàn lè dára lábẹ́ iná pupa rúsúrúsú tàbí nínú oòrùn, nítorí náà ó máa ń wo àròpọ̀ àwọ̀ inú gbogbo àwòrán. Bí pupa bá pọ̀ jù, ó gbà pé iná ibẹ̀ ló pupa, ó sì máa ń bù lára pupa kúrò. Kò mọ̀ pé tòmátì ló kún iwájú òun. Bó bá sì ti bu pupa kúrò, àwọn píksẹ́lì tó wà ní H 10 á sún lọ sí nǹkan bí 12, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á sì jáde kúrò nínú 0 sí 10 tí mo pààlà fún pupa. Apẹ̀rẹ̀ tó bá dára jù lọ, tí gbogbo inú rẹ̀ pọ́n, òun gan-an ni ẹ̀rọ mi ń rẹ́ jẹ.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a gba ìwà yẹn lọ́wọ́ kámẹ́rà. Mo tẹ́ bébà funfun kún gbogbo iwájú rẹ̀ lábẹ́ iná tí n ó máa lò gan-an, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó fúnra rẹ̀ rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ka iye tó dúró lé lórí nínú `capture_metadata()` ti Picamera2, kóòdù Python tó ń darí kámẹ́rà náà, mo sì fi tì í mọ́bẹ̀:

```python
cam.set_controls({
    "AwbEnable": False, "ColourGains": (1.8, 1.6),
    "AeEnable": False, "ExposureTime": 10000,
    "AnalogueGain": 1.0})
```

Iye tó jẹ́ 1.8 àti 1.6 yẹn, tèmi ni o, lábẹ́ iná tèmi. Ẹni tó bá dà á kọ láìṣe ti bébà funfun á kàn gbé àṣìṣe mi lọ sílé rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, bébà kékeré igun yẹn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá yẹ̀, ẹ̀rọ á dúró, kò ní ṣa nǹkan kan títí n ó fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó sì yẹ̀ lóòótọ́, nítorí iná. Níbẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni mo ń lò pẹ̀lú gílóòbù àjà ilé. Oòrùn àárọ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ìrọ̀lẹ́, èyí ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gílóòbù ló yà mí lẹ́nu: ó ń fi ìlà dúdú dúdú gba inú àwòrán kọjá, bí ìlà aṣọ òfì, àwọn ìlà náà sì ń rìn. Iná tó ń wá láti òpó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì máa ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì iye yẹn, ìyẹn ìgbà 100. Ojú wa ò lè rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń ka àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà tó bá bọ́ sí àkókò tí iná ṣẹ́jú á ṣókùnkùn. 10000 tó wà nínú kóòdù òkè yẹn, tí a fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kà, ni ìdáhùn rẹ̀: bí kámẹ́rà bá lajú fún ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá gẹ́lẹ́, gbogbo ìlà á gba ṣíṣẹ́jú iná ẹ̀ẹ̀kan pérépéré, wọ́n á sì dọ́gba. Èyí tù mí lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n múná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ tiwa kì í dúró sójú kan ní 50, àwọn ìlà sì padà wá. Mo ra okùn iná ẹlẹ́ẹ̀dì funfun tó ń lo bátìrì 12 fọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ ìlà sì parí síbẹ̀. Iná bátìrì kì í ṣẹ́jú.

Mo wá kan àpótí páálí, mo fi bébà funfun bo inú rẹ̀, mo to okùn iná yẹn yí òkè rẹ̀ ká, kámẹ́rà ń wo ilẹ̀ láti inú ihò kan lórí. Mo tẹ́ aṣọ búlúù sísàlẹ̀, nítorí kò sí apá kan lára tòmátì, bóyá ó pọ́n tàbí kò pọ́n, tó jẹ́ búlúù. Mo ti kọ́kọ́ lo aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà nílé. Ẹ lè fọkàn yàwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tòmátì tí kò tíì pọ́n.

Tòmátì ń dán, ìyẹn ló kù. Iná orí rẹ̀ ń fi àmì funfun sí i lára, irú èyí tí ẹ máa rí lórí mọ́tò tuntun, níbẹ̀ sì rèé, kò sí àwọ̀ kankan. S ibẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà 90 tí mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ S nínú kóòdù á lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá lé e jáde nínú pupa, tí a sì ṣì ń kà á mọ́ gbogbo ara tòmátì, ńṣe là ń fìyà jẹ tòmátì nítorí pé ó ń dán. Mo ṣe nǹkan méjì. Mo ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sábẹ́ iná kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn káàkiri kó tó dé ara èso. Mo sì yí ìṣirò padà: n ò pín pupa mọ́ gbogbo ara mọ́, àfi mọ́ apá tó ní àwọ̀ nìkan, ìyẹn pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé rẹ̀ lápapọ̀.

Nígbà yìí ni mo tó lè pe Màmá Bódìjà padà. Wọ́n ṣa 60 tòmátì sọ́nà mẹ́ta bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́jà, èmi sì ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà máa ń pín pípọ́n tòmátì sí ìpele mẹ́fà, tí ààlà rẹ̀ wà ní ìdá 10, 30, 60 àti 90 nínú 100, mo sì rò pé n ó kàn mú méjì nínú ààlà wọ̀nyẹn lò. Tiwọn ò bá ìyẹn mu. "Tà á lónìí" bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 80, "ó tọ́jú" sì parí ní nǹkan bí 25. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ooru ọjà ni: èyí tó bá pọ́n dé 80 láàárọ̀ á ti pọ́n tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fi ààlà tiwọn síbẹ̀.

Síbẹ̀ tòmátì kan wà tó ń bú mi. Mo gbé e kalẹ̀, ó ní 43. Mo yí i padà, ó di 71. Mo yí i síkẹ̀gbẹ́, 58. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé láti ìdí ló ti ń pọ́n ni?" Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìsàlẹ̀ tòmátì, ibi tí òdòdó ti já, ló kọ́kọ́ máa ń pupa. Ibi ọrùn tó so mọ́ igi ló máa ń gbẹ̀yìn. Bí ọrùn bá kọjú sókè, kámẹ́rà á pè é ní ọmọdé. Bí ìdí bá kọjú sókè, á pè é ní àgbà. Àwọn tí èmi tì sórí tábìlì lọ́wọ́ ara mi ti máa ń jókòó lórí ọrùn wọn tàbí lórí ìdí wọn, bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́, mi ò sì kíyè sí i.

Mo tú bẹ́líìtì tó ń gbé wọn kọjá, mo fi páìpù oníke mẹ́fà tó ń yí rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà, mo sì fi aṣọ búlúù wé wọn. Tòmátì ń yí bó ṣe ń lọ, kámẹ́rà ń yà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń ṣe àròpọ̀ pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àròpọ̀ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tòmátì oníjàngbọ̀n yẹn wá ń fún mi ní 56 sí 59, bí mo ti wù kí n gbé e kalẹ̀.

Ti mọ́tò kékeré tó ń ti ilẹ̀kùn àwọn ọ̀nà mẹ́ta náà, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo so ó mọ́ iná bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù sì ń kú ó ń jí nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Mo tẹ `vcgencmd get_throttled`, ó dáhùn `throttled=0x50005`, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná ń dín lórí bọ́ọ̀dù lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ fún mọ́tò ní iná tirẹ̀, kí ẹ sì so okùn ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò á máa gbọ̀n láìgbọ́ àṣẹ.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn kẹ́yìn, a da 120 tòmátì sí i. Màmá ń ṣa tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde, wọn ò sì wo ibi tí ẹ̀rọ tì í sí kí wọ́n tó sọ tiwọn. Mẹ́sàn-án ni wọn ò ti bá ara wọn mu. Mẹ́fà nínú wọn wà lórí ààlà 80 gan-an, Màmá fúnra wọn sì ní àwọn lè gbé e síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Méjì ní ewé ọrùn tó gbòòrò, aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀rọ ń kà mọ́ ara wọn. Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ tí n ó tún ṣe.

Ọ̀kan ló ṣẹ́kù. Ẹ̀rọ ní 97, kí a tà á lónìí. Ó pupa káàkiri, kò ní àbàwọ́n, kò sí bí mo ṣe wò ó tí n ò ní gbà fún ẹ̀rọ. Màmá mú un, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀.

"Màámi, èyí ló pọ́n jù nínú gbogbo wọn."

Wọ́n mú un padà, wọ́n nà án sí mi. "Tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò mi wọlé títí dé oríkèé, omi inú rẹ̀ sì ṣàn bọ́ sí mi nínú apá ẹ̀wù.